Ọba tó wọ dúdú lásán àti ọba tó kó gbogbo ẹrù ìgúnwà bora

Tóyọ̀sí_K béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ará. Mo gbé àwòrán ọba méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ni Louis Kẹrìnlá ti Faransé tí Rigaud yà ní 1701: aṣọ ìgúnwà, adé, idà, ọ̀pá àṣẹ, gbogbo ẹ̀ pé síbẹ̀. Ìkejì ni Philip Kẹrin ti Sípéènì tí Velázquez yà, aṣọ dúdú, kò sádé, kò sọ́pàá, bí akọ̀wé ló rí lójú tèmi. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Philip pọ̀ ju ti Louis lọ fíìfíì. Ṣé aṣọ kì í fi ipò hàn ní Sípéènì ni, àbí nǹkan kan wà tí mi ò rí?

---

Kúnlé_Sọọ́:
Kò le rárá. Owó ti tán ní Sípéènì. Ogun ti jẹ wọ́n lówó, gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọba fúnra ẹ̀ ló ṣòfin pé kí wọ́n yé ná owó sórí aṣọ. Ìyẹn ló fi wọ dúdú. Louis ní tiẹ̀ ń náwó ní ìnákúnàá. Ẹni tó ní á fi hàn, ẹni tí ò ní á bo ara.

---

Bàbá_Ọ̀nà:
Kúnlé, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ dáa, ìdajì tó kù ló ń ṣini lọ́nà.

Òótọ́ ni pé òfin wà. 1623 ni, ọba ò tíì pẹ́ lórí oyè. Wọ́n fòfin de kọ́là ńlá tó ká ṣẹ́ṣẹ́ yí ọrùn po, èyí tí ẹ ń rí ní àwòrán bàbá ẹ̀ àti bàbá bàbá ẹ̀, torí aṣọ tó ń jẹ pọ̀, ó tún ń jẹ sítáàṣì, ó ń jẹ àkókò ìránṣẹ́ tó ń lọ̀ ọ́. Ọba bọ́ tiẹ̀ kúrò, ó wọ kọ́là pẹlẹbẹ líle kan tí wọ́n ń pè ní gólílà. Kọ́là yẹn lẹ̀ ń wò lọ́rùn ẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀, mi ò jiyàn.

Àmọ́ àwọ̀ dúdú ti wà ní ààfin yẹn tipẹ́tipẹ́ kí òfin tó dé, nígbà tí fàdákà ń wọlé láti Amẹ́ríkà bí omi. Bàbá bàbá ẹ̀, Philip Kejì, dúdú lòun náà ń wọ̀. Torí náà a ò lè sọ pé òṣì ló kó dúdú wọlé.

Tóyọ̀sí, ohun tí mo máa fẹ́ kó o ṣe nìyí. Má gbé ọba kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba ilẹ̀ mìíràn lákọ̀ọ́kọ́. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìránṣẹ́ tiẹ̀ tí ayàwòrán kan náà yà láàárín àkókò kan náà. Velázquez ya Olivares, olórí àwọn mìnísítà, ní 1624. Wá àwòrán yẹn, ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù São Paulo ní Bràsíìlì, wò ó dáadáa kó o tó padà wá.

---

Tóyọ̀sí_K:
Mo ti rí i o. Ha! Ọ̀gbẹ́ni yìí gan-an ló dà bí ọba lójú mi. Ó tóbi, ó kún inú àwòrán bámúbámú, ṣéènì wúrà wà láyà ẹ̀, àgbélébùú pupa wà lára aṣọ, kọ́kọ́rọ́ wà ní ìgbànú ẹ̀, nǹkan wúrà kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀.

---

Bàbá_Ọ̀nà:
Nǹkan wúrà yẹn, irin tí wọ́n fi ń gún ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, torí òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ọba. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ti yàrá ọba ni, ó ní ẹ̀tọ́ láti wọlé tọ ọba lọ. Àgbélébùú pupa, ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun Calatrava ló ni ín. Wàá rí i pé gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀, ẹnì kan ló fún un. Ọlá tí wọ́n fún èèyàn, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé e síta kí wọ́n rí i, torí wọ́n lè gbà á padà. Wọ́n sì gbà á lóòótọ́, ní 1643 ọba ní kó máa lọ.

Padà sí ọba wàyí. Ọwọ́ kan di bébà, idà wà ní ìbàdí, tábìlì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àgùntàn wúrà kékeré kan rọ̀ láyà ẹ̀, àmì ẹgbẹ́ tí òun fúnra ẹ̀ jẹ́ olórí fún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa fún un ní kọ́kọ́rọ́, nígbà tó jẹ́ òun ló ni ilé? Bébà tó o ní ó jẹ́ kó dà bí akọ̀wé, ẹ̀bẹ̀ tàbí ìwé ìjọba ni, ìwé tó jẹ́ pé tí kò bá fọwọ́ sí i, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ láti Madrid títí dé Mẹ́síkò.

Ohun kan tún wà. Wọ́n ti yẹ àwòrán ọba yìí wò pẹ̀lú ẹ́síréè, wọ́n sì rí i pé Velázquez ti kọ́kọ́ ya ọ̀nà mìíràn sábẹ́ ẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ọba ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó wá padà kun ún bò lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sún ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra, ó jẹ́ kí ara ẹ̀ tín-ín-rín bí òpó. Ẹni tó bá ní kò sí iṣẹ́ nínú àwòrán lásán yẹn, kó wo ẹ́síréè.

---

Bísí_Aránṣọ:
Ẹ jẹ́ n dá sí i, torí dúdú tí Kúnlé ń pè ní aṣọ aláìlówó yìí ló ń bí mi nínú lọ́wọ́lọ́wọ́.

Aṣọ eré orí ìtàgé ni mò ń rán. Nígbà tí wọ́n ní kí n ṣe aṣọ fún eré kan tó ní ààfin Sípéènì nínú, mo rò pé iṣẹ́ rọrùn ti dé, dúdú ni gbogbo ẹ̀ ṣáà. Mo ra aṣọ dúdú mẹ́fà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lábẹ́ iná ìtàgé, ọ̀kan di búráùn, ọ̀kan ń ṣe bí ewé, ọ̀kan búlúù, méjì péré ló dúdú lóòótọ́, àwọn méjèèjì ló sì wọ́n jù. Ìyẹn lóde òní tí kẹ́míkà pọ̀ o. Láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ dúdú tó jinlẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ aṣọ láró búlúù, wọ́n á tún tì í bọ àwọ̀ mìíràn lórí ẹ̀. Àwọn tó ń fi omi irin ṣe é ní kíá, irin yẹn ló ń padà jẹ aṣọ, ó ń gbó, ó ń já bí bébà. Igi kan wà tó ń wá láti Campeche ní Mẹ́síkò tó ń mú dúdú jáde dáadáa. Ta ló sì ni Mẹ́síkò nígbà yẹn? Sípéènì náà ni. Nítorí náà, dúdú tó ń dán lára ọba yẹn, owó ni, ó kàn jẹ́ pé ẹni tó mọ aṣọ ló máa rí i.

Ẹni tí ò mọ̀ á rí akọ̀wé. Tóyọ̀sí má bínú 😂

---

Ayọ̀_Fọ́tò:
Ẹ kú ìjíròrò. Ní tèmi, ti Louis tí ẹsẹ̀ ti yọ síta yẹn ló dáa jù. Mo fẹ́ ya fọ́tò ńlá fún ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ó ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀, ṣé kí n ní kó dúró bíi Louis kó nasẹ̀ kan síwájú, àbí kó jókòó? Ó sanra díẹ̀ o.

---

Kúnlé_Sọọ́:
Ọ̀gá, ìbéèrè yẹn kọ́ là ń dáhùn 😂 Àmọ́ kó jókòó.

---

Bísí_Aránṣọ:
Kó jókòó jàre. Mo ti gbìyànjú ìdúró Louis yẹn pẹ̀lú òṣèré kan, ọmọkùnrin tó lágbára, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kó nasẹ̀, kó yí ìka ẹsẹ̀ síta bíi ti oníjó, kó gbé ọwọ́ kan lé ìbàdí, kó fi ọwọ́ kejì ti ọ̀pá. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí itan ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Aṣọ ìgúnwà yẹn ló tún ba nǹkan jẹ́ pátápátá. Nínú àwòrán, wọ́n gbá apá kan aṣọ yẹn sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ lè yọ. Lára èèyàn gidi, tó o bá gbá a sẹ́yìn, gbogbo ìwúwo ẹ̀ á rọ́ sí apá kejì, á máa fa èèyàn lọ́rùn. Mo ní láti rán bẹ́líìtì sínú èwù tó wọ̀ sábẹ́, kí n fi ìkọ́ kọ́ aṣọ ìgúnwà mọ́ ọn. Mo sì ń rò ó lọ́jọ́ yẹn pé baba ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta wo ló lè dúró báyìí?

---

Bàbá_Ọ̀nà:
Kò dúró báyìí. Orí nìkan ni Rigaud yà níwájú ọba, lórí kánfáàsì kékeré lọ́tọ̀, ó sì wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú èyí ńlá. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a kun aṣọ. Ìyẹn ló fà á tí ojú fi jẹ́ ti arúgbó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti rọ̀ wọlé torí eyín ti lọ, tí ẹsẹ̀ wá jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin.

---

Kúnlé_Sọọ́:
Ẹ ò rí nǹkan! Irọ́ ni wọ́n fi àwòrán yẹn pa nìyẹn. Ẹsẹ̀ irọ́, bàtà gogoro kó lè ga, wíìgì kó lè ga sí i. Kódà ayàwòrán yẹn ṣàṣìṣe, ó dorí ọ̀pá àṣẹ kodò! Ẹ wò ó, òdòdó wúrà tó yẹ kó wà lókè ló wà nísàlẹ̀ lórí tìmùtìmù.

---

Bàbá_Ọ̀nà:
Jẹ́ n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàtà yẹn, ọ̀rọ̀ gíga nìkan kọ́. Wo àwọ̀ gìgísẹ̀ ẹ̀, pupa ni. Ní ààfin Faransé, gìgísẹ̀ pupa jẹ́ ti àwọn ọlọ́lá tó ní ẹ̀tọ́ láti wá síwájú ọba. Kì í ṣe àmì ọba nìkan, àmì agbo ni. Ohun tó ń sọ ni pé "èmi ni olórí agbo yín," kò sọ pé "èmi nìkan."

Ti ẹsẹ̀, gbogbo ààfin ló mọ̀ pé ọba jó dáadáa nígbà èwe. Ní 1653, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó jó nínú eré kan ní ààfin, oòrùn ló ṣe, ibẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ń pè é ní Ọba Oòrùn. Nítorí náà ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ fún àwọn tó ń wò ó, ìrántí ni. Tó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n fẹ́ pa, ojú ni wọn ì bá kọ́kọ́ tún ṣe. Wọ́n fi ojú sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ọ̀pá àṣẹ ni mo gbádùn jù. Àṣìṣe kọ́. Lọ wo Charles Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Van Dyck yà ní nǹkan bí 1635, mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris ni òun náà wà. Kò sádé lórí ẹ̀, fìlà ló dé, ó fọwọ́ kan lé ìbàdí, ó fi ìkejì ti ọ̀pá ìrìn, ẹṣin tẹrí ba lẹ́yìn ẹ̀. Ìdúró ọkùnrin ọlọ́lá tó jáde ṣeré nìyẹn. Rigaud mú ìdúró náà, ó fi ọ̀pá àṣẹ rọ́pò ọ̀pá ìrìn. Ohun tí ọba mìíràn máa gbé sókè gan-gan bí ẹni ń búra, Louis ń fi í tilẹ̀. Adé wà lórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó. Ó tó ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tí wọ́n ti dé e ládé, nǹkan ti mọ́ ọn lára.

---

Làídé_W:
Mi ò fara mọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn pátápátá o, ẹ̀gbọ́n. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kí ló dé tó tún kó gbogbo ẹ̀ jọ? Aṣọ ìgúnwà, adé, idà Charlemagne ọba ayé àtijọ́, ọ̀pá méjì. Ẹni tí nǹkan mọ́ lára máa ń fi sílé ni. Philip ló fi sílé. Lójú tèmi, Louis ń sọ̀rọ̀ sókè torí ẹnì kan ò tíì gbà fún un.

---

Bàbá_Ọ̀nà:
Ìbéèrè gidi nìyẹn, ibi tí àwòrán yẹn fẹ́ lọ ló sì máa ràn wá lọ́wọ́.

Ní 1700, Charles Kejì ti Sípéènì kú láìní ọmọ. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé ọmọ-ọmọ Louis ni kó jọba, òun ló di Philip Karùn-ún. Rigaud ya ọmọ náà nígbà yẹn, ẹ wá wo ohun tí wọ́n wọ̀ fún un: aṣọ dúdú àti gólílà, bíi ti Philip Kẹrin gan-an! Ọmọ tí wọ́n bí sí ààfin Versailles ní Faransé, tó dàgbà nínú léèsì àti ríbọ́ọ̀nù. Ẹ̀bùn fún ọba tuntun yìí ni wọ́n sì ṣe àwòrán Louis fún, Madrid ló yẹ kó gbà lọ. Nígbà tí Rigaud parí ẹ̀, ọba fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ó dá a dúró, ó ní kí wọ́n ya ẹ̀dà ẹ̀.

Nítorí náà ẹ fojú inú wò ó: ayàwòrán kan, ọdún kan, ìdílé kan, aṣọ méjì. Wọ́n wọ ọmọ ní dúdú kí àwọn ará Sípéènì lè rí ọba tiwọn nínú ẹ̀. Wọ́n wá ya bàbá àgbà ẹ̀ bí ẹni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ládé, gíga ẹ̀ 277 sẹ̀ǹtímítà, kí ààfin tó ti mọ dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè mọ ibi tí ọmọ yẹn ti wá. Bí Làídé ṣe ní ó ń sọ̀rọ̀ sókè, mo gbà. Ibi tí mo ti yàtọ̀ ni pé n kò rò pé ìbẹ̀rù ló ń mú un pariwo.

---

Làídé_W:
Ogun bẹ́ ní 1701 yẹn gan-an lórí oyè Sípéènì, ó sì jà títí di 1714. Ẹni tó mọ̀ pé ogun ń bọ̀ tó ń yàwòrán báyìí, mi ò mọ orúkọ tí ẹ̀yin ń pe ìyẹn o. Ẹ jẹ́ a fi síbẹ̀.

Ohun tí mo tiẹ̀ fẹ́ fi kún un ni pé gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwòrán ọba gbọ́dọ̀ wà lára ògiri. Ẹ wo Jahangir ti ààfin Múgà ní Íńdíà. Bichitr ló yà á, láàárín 1615 sí 1618. Gíga àwòrán náà ò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, inú ìwé ló wà, èèyàn á fọwọ́ dì í mú, á máa wò ó díẹ̀díẹ̀. Ọba jókòó lórí agogo oníyanrìn, oòrùn àti òṣùpá pọ̀ di òbìrí ìmọ́lẹ̀ ńlá lẹ́yìn orí ẹ̀. Ó ń fún Ṣéèkì arúgbó kan ní ìwé. Nísàlẹ̀ Ṣéèkì ni Súlítánì ilẹ̀ Tọ́kì, nísàlẹ̀ ẹ̀ ni James Kìíní, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nísàlẹ̀ pátápátá ni ayàwòrán fúnra ẹ̀.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ wò? Ojú. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ya ojú Jahangir, imú àti àgbọ̀n ẹ̀ mú bí ojú owó wúrà, kò wo ẹnikẹ́ni. James ní tiẹ̀ yíjú, ó ń wò wá. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọba tó bá kọjú sí ẹ tó ń wò ẹ́, agbára ló ń lò lé ẹ lórí. Ní ààfin Múgà, ọba kì í wá ojú ẹ. Àwòrán James tí Bichitr wò yà yẹn, àwòrán ààfin Gẹ̀ẹ́sì ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn ayàwòrán tiwọn ló yà á pẹ̀lú gbogbo ọ̀ṣọ́ ẹ̀. Aṣọ ẹ̀ ò yí padà, ohun ọ̀ṣọ́ ẹ̀ ò dín. Wọ́n kàn gbé e sí igun ìsàlẹ̀, ó ti di ẹlẹ́jọ́.

---

Kúnlé_Sọọ́:
Èyí wọ̀ mí lára. Nítorí náà ibi tí wọ́n gbé èèyàn sí ju aṣọ lọ.

---

Bísí_Aránṣọ:
Má tíì sá lọ síbẹ̀ o. Ẹ wo ọwọ́ Ṣéèkì yẹn dáadáa, kò fọwọ́ kan ìwé ọba, aṣọ ìborùn ẹ̀ ló fi gbà á. Aṣọ náà ló tún ń sọ̀rọ̀ 😄

Kúnlé, tìtorí tìẹ ni mo ṣe fẹ́ sọ ti awọ funfun tó wà nínú aṣọ Louis. Gbogbo àmì dúdú wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ yẹn, ṣónṣó ìrù ẹranko kékeré kan ni, tí irun ẹ̀ máa ń funfun nígbà òtútù àfi ṣónṣó ìrù nìkan. Ẹranko kan, ìrù kan. Mo jókòó ka àwọn tó hàn nínú àwòrán kí n lè mọ iye tí mo máa rán mọ́ tèmi, nígbà tó yá mo ṣíwọ́, mo lo aṣọ àtọwọ́dá. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá ń gbé nígbà yẹn máa kà á láìfọwọ́ kà, bí àwa ṣe ń mọ ọkọ̀ olówó ńlá tá a bá kàn gbọ́ ìró ẹ̀.

---

Tóyọ̀sí_K:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ń fi ọgbọ́n Bàbá_Ọ̀nà yẹn wo àwọn mìíràn, kí n gbé ọba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sìn ín, kí n wo ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì ò ní. Ó ṣiṣẹ́ títí mo fi dé Ṣáínà. Mo rí ìwé gígùn kan tí wọ́n máa ń ká jọ, tí Castiglione, ará Ítálì tó ń yàwòrán ní ààfin Béjìn, bẹ̀rẹ̀: ọba Qianlong, ìyàwó àgbà, àti àwọn ìyàwó mọ́kànlá mìíràn. Gbogbo wọn kọjú sí wa gán-an. Kò sí òjìji lójú ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́sẹ̀, kò sọ́wọ́, kò sí bébà. Mo tiẹ̀ lọ kà nípa àwọ̀, wọ́n ní yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ jù jẹ́ ti ọba, àmọ́ ìyàwó àgbà náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ibo ni mo ti máa mú un?

---

Bàbá_Ọ̀nà:
Òjìji yẹn, wọ́n ní kí Castiglione yọ ọ́ ni, torí lójú wọn ó dà bí ìdọ̀tí lójú èèyàn. Ní ti ibi tó o ti máa mú un: títò ni kó o wò. Ọba ló ṣíwájú, ìyàwó àgbà tẹ̀ lé e, àwọn tó kù tẹ̀ lé e bí oyè wọn ṣe ń lọ sílẹ̀, wọ́n sì kọ oyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

---

Tóyọ̀sí_K:
Tó bá jẹ́ pé ìwé tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń sọ ọ́, a jẹ́ pé àwòrán fúnra ẹ̀ ò sọ nǹkan kan nìyẹn?

---

Làídé_W:
Ó sọ. Ó sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tàlá yẹn tó gbọ́dọ̀ mira. Fi ìyẹn wé ẹsẹ̀ Louis.

---

Ayọ̀_Fọ́tò:
Ọ̀gá wa ní òun ò jókòó. Ó ní òun fẹ́ di bébà dání.